Ikọ́ Tó Ti Pé Ọ̀sẹ̀ Méjì Ti Kọjá Ti Sírọ́ọ̀pù

Èrò kan wà tó ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Èrò náà ni pé ikọ́ kì í ṣe ohun tí à ń wá ìdí rẹ̀, ohun tí à ń pa lẹ́nu mọ́ ni. Bí ìgò sírọ́ọ̀pù kan kò bá ràn án, a ó ra òmíràn tó le jù ú lọ. Bí ìyẹn náà bá kùnà, a ó fi oyin, orógbó àti ọsàn wẹ́wẹ́ tì í lẹ́yìn. Ọyẹ́ la ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn rẹ̀ a ó dá eruku lẹ́bi, lẹ́yìn eruku, omi tútù inú fíríìjì. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, tí ikọ́ náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, a ó ní ó ti mọ́ ọn lára ni. Èrò yìí ni mo ta kò. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ta ìgò mìíràn fún un láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò.

Kì í ṣe èmi ni mo gbé ọ̀sẹ̀ méjì kalẹ̀. Ìlànà tí ètò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń gbógun ti ikọ́ ife ń tẹ̀ lé nìyẹn: ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló kàn. Bí ẹni náà bá ní kòkòrò éèdì lára, wọn kì í tilẹ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ikọ́ yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó kúrú mọ, àyẹ̀wò ni. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ọ̀pọ̀ ikọ́ tó bá ọ̀fìnkìn wá máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ó lè fà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì díẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn ó yẹ kó ti máa rọlẹ̀. Ibí yìí gan-an ni òkìkí sírọ́ọ̀pù ti wá. Ẹni tó ra ìgò kan ní ọjọ́ kẹrin, tí ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ kẹwàá, á máa jẹ́rìí ìgò náà kiri àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó ti ń wúkọ́ láti oṣù kan á gbé dé kẹ́mísì, tí á ní kí wọ́n fún òun ní irú èyí tí wọ́n fún lágbájá. Àìsàn àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó bá èròjà tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀, èyí tó ń mú oorun kunni, ṣúgà, àti ohun tó ń tu ọ̀fun lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pa kòkòrò ikọ́ ife. Ní 2018, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ísáákì Adéwọlé ń ṣe mínísítà ètò ìlera, ìjọba fòfin de ṣíṣe sírọ́ọ̀pù ikọ́ tó ní kodíìnì nínú àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè yìí, torí pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ohun ìmutípara. Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí òfin náà, ṣùgbọ́n wọn kò ronú kan ohun tí kodíìnì ń ṣe sí ikọ́. Ọpọlọ ló ń bá ṣiṣẹ́: ó ń dẹ́kun àṣẹ tí ọpọlọ ń pa pé kí èèyàn wúkọ́, kò sì kan ohun tó ń dá ẹ̀dọ̀fóró láàmú. Onílé á sùn, àlejò á sùn, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní sùn.

Àwọn tó ń gbèjà sírọ́ọ̀pù ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, òun náà ni mo sì fẹ́ dojú kọ jù. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn nígbà tí mo lò ó.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìrọ̀rùn yẹn kò jẹ́rìí ohunkóhun. Kòkòrò ikọ́ ife kì í yára. Kòkòrò inú ìfun kan tí à ń rí nínú ìgbẹ́ lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ti ikọ́ ife a máa tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó pín sí méjì. Nítorí náà ni àìsàn rẹ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀. Á gbóná lọ́sẹ̀ yìí, á rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún gbéra. Oògùn yòówù tí èèyàn bá lò ní ọ̀sẹ̀ tó ń gbóná, ìrọ̀lẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á fi yin oògùn náà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ẹni ogójì ọdún. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ife á mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́, ó sì ra sírọ́ọ̀pù. Mi ò bá a wí sí ìyẹn. Ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó padà sí kẹ́mísì, wọ́n fún un ní sírọ́ọ̀pù mìíràn pẹ̀lú kápúsù ámọ́kísì. Ikọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ibà ni, wọ́n ta oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún un láìgba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀rẹ́ kan júwe sìpírò fún un. Ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ sì yá gágá. Oúnjẹ padà sí i lẹ́nu, ó sun oorun tí kò sùn láti ìgbà pípẹ́, ó sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá gbogbo rẹ̀ padà. Òógùn ń bò ó lóru débi tó fi ń pààrọ̀ aṣọ tó fi sùn. Ìró tí ó ń wé lẹ́ẹ̀kan ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń bi í pé kí ló ń lò tó fi fọn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ni wọ́n tó gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ibi tó burú jù nínú ìtàn yìí ni ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ yá. Sìpírò wá láti inú ìdílé àwọn oògùn kan tó lágbára sí kòkòrò ikọ́ ife, ìdílé tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àwọn tí ikọ́ ife wọn ti gbójú sí oògùn gbogboogbò. Nígbà tí èèyàn bá lò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré, á pa àwọn kòkòrò tó tètè ń kú, á sì fi àwọn tó le sílẹ̀. Ìpalára méjì nìyẹn ṣe. Fún ìgbà díẹ̀, kòkòrò inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò fi lè kùnà láti rí i. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ṣẹ́ kù lè ti kọ́ bí wọn ṣe ń gba oògùn náà mọ́ra, ọ̀nà ìwòsàn kan sì ti ń dí. Àwọn kan tún wà tó ń fi dẹ́sà àti prẹdínísólóònù kún àpòpọ̀ oògùn ikọ́. Ìyẹn á mú kéèyàn jẹun, á mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, gbogbo ilé á ní ó ti sanra. Bẹ́ẹ̀ agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà gan-an ló ń tẹ̀ rì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ló yẹ kí obìnrin náà ṣe? Ike kékeré kan tó ní ọmọrí ni wọ́n á gbé fún un, iṣẹ́ tó kù sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń bàjẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò fẹ́ itọ́. Itọ́ mọ́, ó fúyẹ́, ó ń yọ fọ́ọ̀mù. Láti ẹnu ló ti wá, kòkòrò kì í sábà sí nínú rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki, ó ń fà, ó lè pọ́n rúsúrúsú tàbí kó dà bí ọyún. Láti ìsàlẹ̀ àyà ló ti ń bọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí èèyàn tó jẹ ohunkóhun, torí pé èyí tó ti kó jọ látòru wà nílẹ̀. Omi lásán ni kí ó fi yọ́ ẹnu. Kó wá bọ́ sí ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí kò sí èèyàn nítòsí, kó fa èémí jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sì wú u láti inú àyà wá. Bí ó bá kún bíi ṣíbí tíì kan, ó tó. Kó dé e pa, kó sì tètè gbé e lọ. Ẹni tó bá tutọ́ sínú ike láti fi tẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, tí èsì wá sọ pé kò sí nǹkan kan, irọ́ ló gbé lọ sílé. Àwọn ọmọdé kì í mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀, wọ́n ń gbé e mì ni. Fún wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n lè yẹ̀ wò báyìí.

Láyé àtijọ́, maikirosikópù nìkan ni wọ́n fi ń wò ó, ìyẹn sì nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò nínú ìwọ̀nba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kó tó lè rí i. Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kò tíì pọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìparí 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Jíìnì Ẹ́sìpáàtì. Ẹ̀rọ yìí ń wá àmì ìdánimọ̀ kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ó ń rí i nígbà tó ṣì kéré, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Bó ti ń sọ bóyá kòkòrò náà wà, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ bóyá ó ti gbójú sí rìfáńpísìn, oògùn tí ìtọ́jú dúró lé lórí. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò mọ kòkòrò tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè, nítorí náà ẹni tó ti gba ìtọ́jú ikọ́ ife rí gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n má bàa ṣì í mú. Bí èsì bá sì ní kò sí nǹkan kan, tí ikọ́, òógùn òru àti ara rírù kò dáwọ́ dúró, kí èèyàn padà lọ, kí wọ́n fi ẹ́kísíréè wo àyà. Èsì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ di ìwé àṣẹ láti tún padà sídìí sírọ́ọ̀pù.

Wọ́n á ní owó ńkọ́? Níbi tí ètò ìjọba ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ìnáwó kankan. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà tó fò èèyàn wà níbẹ̀, ìjókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́ nígbà mìíràn, tí wọ́n á ní kí èèyàn padà wá lọ́la. Ìdí gidi nìyí tí èèyàn fi ń yà sí kẹ́mísì, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò ti oníṣòwò Gbági wa: ìgò sírọ́ọ̀pù tí kò níye, kápúsù, oògùn ibà, sìpírò, oṣù mẹ́ta tí ọjà kò fi tà bó ti yẹ. Ó ti ná owó ọkọ̀ dé ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Àtakò kan ṣì wà tí mo gbà pé ó ní ìwúwo: kì í ṣe gbogbo ikọ́ tó pẹ́ ni ikọ́ ife. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá ṣe àyẹ̀wò ni kò ní í. Ṣùgbọ́n kí ni àtakò yìí ń gbè lẹ́sẹ̀? Bí kì í bá ṣe ikọ́ ife, nǹkan mìíràn ni, sírọ́ọ̀pù kì í sì í ṣe ìwòsàn nǹkan mìíràn yẹn náà. Ẹ wo bàbá tó ń lo lisinópírììlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn yẹn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí orúkọ wọn parí sí “pírììlì”, a máa fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú, tó ń rìn wọ́n lọ́fun tọ̀sántòru. Ó lè wú u fún ọdún kan, kó mu sírọ́ọ̀pù dé agogo mẹ́wàá alẹ́ lójoojúmọ́, kò ní lọ. Dókítà ló máa pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún un, ikọ́ á sì kásẹ̀ ńlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó má ṣe fúnra rẹ̀ dá a dúró, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ru gùdù. Ẹ wo ìyá tó ti fi igi dáná láti ìgbà èwe, tí èéfín ti ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọmọ tó ní asímà, tó jẹ́ pé òru nìkan ni ikọ́ rẹ̀ ń gbóná. Ẹ wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀, tí kò lè sùn gbalaja láìwúkọ́. Àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà ìtọ́jú kálukú wọn yàtọ̀, kò sì sí èyí tí à ń mọ̀ nípa dídá ìgò sẹ́nu wò. Pé ikọ́ pípẹ́ ní ìdí púpọ̀, ẹ̀yìn àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ náà ń gbè sí.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ jáde ni ìtìjú. Bí wọ́n bá rí ọ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ikọ́ ife wò, wọ́n á ní wọ́n ti rí ọ fín, tàbí pé àrùn ìdílé yín ni, tàbí pé ẹnì kan fún ọ jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ẹni tí ikọ́ bá gbẹ tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, májèlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí, babaláwo tàbí wòlíì sì ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta, 1882, ni Rọ́bẹ́ẹ̀tì Kọ́ọ̀kì fi han àwọn onímọ̀ ní Bẹ̀lín pé kòkòrò kan ló ń fa àìsàn yìí, ó sì ní wọ́n lè rí i, wọ́n lè sìn ín, wọ́n lè fi í ran ẹranko. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà: ẹni tó ní í wúkọ́, ẹlòmíràn tó jọ ń mí nínú yàrá kan náà fà á símú. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú ju ẹnì kan lọ nínú ìdílé, tí a fi rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ẹni tí wọ́n bá gbé sídìí ètùtù fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni àwọn tó yí i ká fi ń mí afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ta oògùn ni mo fi èyí tó kàn lé lọ́wọ́, torí àwọn ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rí, kì í ṣe dókítà. Mi ò ní kí wọ́n ti ìsọ̀. Ìbéèrè kan ni mò ń bẹ̀ wọ́n sí kí wọ́n tó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ: “Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?” Bí ìdáhùn bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n júwe ibi àyẹ̀wò tó sún mọ́ wọn jù fún un, kí wọ́n má ta ìgò, kí wọ́n má sì ta sìpírò. Ní ìlú Ìbàdàn, ilé ìwòsàn àyà ti ìjọba wà ní Jẹ́ríkò tipẹ́tipẹ́. Ní Èkó, ti Yábàá wà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ sì ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wà níbòmíràn.

Bí àyẹ̀wò bá wá rí i, ìtọ́jú ti ikọ́ ife tí kò gbójú jẹ́ oṣù mẹ́fà: oògùn mẹ́rin tí wọ́n pa pọ̀ sínú kóró kan fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ìtọ̀ á pọ́n bí ọsàn, òógùn àti omijé náà lè pọ́n. Rìfáńpísìn ló fà á, kò sí ewu níbẹ̀. Ewu wà bí funfun ojú bá pọ́n rúsúrúsú bíi ti ibà pọ́njú. Nígbà náà kí ó padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ti ń lo oògùn tó bá kòkòrò rẹ̀ mu, agbára àtiràn án mọ́ ẹlòmíràn á ti já wálẹ̀ gidigidi. Ohun tó ń dán èèyàn wò ni oṣù kejì, nígbà tí ikọ́ ti lọ, tí ara ti padà, tí ẹnu àwọn ará ilé sì ń sọ pé ó ti yá. Ìrọ̀rùn tó tan obìnrin Gbági jẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ tún dé nìyẹn. Ẹni tó bá dá oògùn dúró níbẹ̀, èyí tó gbójú ló ń sìn fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ọ̀hún náà ńkọ́? Ọjọ́ tí èsì ìyá bá jáde ló yẹ kí wọ́n kó gbogbo ẹni tó ń sun yàrá kan náà wá, kí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń wúkọ́, bóyá ara wọn ń gbóná, bóyá ọmọ kékeré kò wúwo sí i mọ́. Ẹni tó bá ní àmì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ẹ̀rọ. Ẹni tí kò ní, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oògùn ìdènà wà fún un, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyá ló sì ń fún un.